Bí a ṣe ń fi fọ́tò dá PS4 tòkunbọ̀ mọ̀ kí a tó sanwó

[Àwòrán: ìpolówó kan, fọ́tò mẹ́ta]

Ẹ wo ìpolówó yìí dáadáa. Ẹni tó ń tajà kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "PS4 Slim, tòkunbọ̀ láti UK, 1TB, gémù ogún wà nínú rẹ̀, páàdì tó bá a wá gan-an rèé." A ó yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé fọ́tò tó fi síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ti tako òun.

Irú PS4 mẹ́ta ló wà. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2013, òun làwọn ọlọ́jà ń pè ní fáàtì. Slim àti Pro jáde ní ọdún 2016. Tí ẹ bá ń wo fọ́tò, ẹ kọ́kọ́ ka ìpele tó wà lára ẹ̀rọ náà láti iwájú. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n to páálí sórí ara wọn. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, Pro nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Tó bá jẹ́ méjì, ẹ wo igun rẹ̀. Igun fáàtì ṣe ṣóńṣó bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé, ìlà iná kan sì gba orí rẹ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Igun Slim rí róbótó, kò sì ní ìlà iná yẹn.

[Àwòrán: ẹ̀yìn ẹ̀rọ]

Ṣùgbọ́n wọ́n lè ya fọ́tò níbi tí kò sí ìmọ́lẹ̀, kí igun má hàn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè fọ́tò ẹ̀yìn. Fáàtì ní ihò kékeré onígun mẹ́rin kan tí wọ́n ń gba ibẹ̀ fa ohùn lọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n kọ "DIGITAL OUT" sí i. Slim kò ní in rárá. Ẹ wo fọ́tò kejì nínú ìpolówó wa: ihò yẹn wà níbẹ̀. Fáàtì ni wọ́n ń pè ní Slim fún wa.

Irú fáàtì wo wá ni? Àwọn tó kọ́kọ́ jáde, tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CUH-10 tàbí CUH-11, kò ní bọ́tìnì tí èèyàn ń tẹ̀ wọlé. Ẹ ó kàn fi ìka kàn án ni. Àwọn tọdún 2015, ìyẹn CUH-12, ní bọ́tìnì gidi tó máa ń wọlé tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé ìdérí dídán ni àmì èyí tó pẹ́ jù. Òótọ́ ni pé ìdérí háàdì dísìkì CUH-10 àti CUH-11 máa ń dán, ti CUH-12 kì í dán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yọ ìdérí yẹn, láàárín ìṣẹ́jú kan wọ́n ti lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bọ́tìnì ni kí ẹ gbà gbọ́.

[Àwòrán: sítíkà nọ́ńbà]

Ẹ ní kó ya sítíkà tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ kó sún mọ́ ọn. Tiwa kà pé CUH-1216A. 12 ni ìran rẹ̀. 6 tó tẹ̀lé 1 tọ́ka sí UK àti Yúróòpù; ti Amẹ́ríkà ìbá jẹ́ 5. Lẹ́tà A túmọ̀ sí pé háàdì dísìkì 500GB ló ní nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́. B ni ì bá jẹ́ 1TB. Nítorí náà, òótọ́ ló sọ nípa UK, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé 1TB ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, a jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ dísìkì. Ìyẹn kì í ṣe àléébù. Ẹni tó ni ẹ̀rọ lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, síkúrúù kan ló dè é mọ́lẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni bóyá dísìkì tuntun ni àbí èyí tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà àtijọ́. Tí sítíkà nọ́ńbà kò bá sí rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo ara ẹ̀rọ náà.

Ẹ padà sí ẹ̀yìn. Wọ́n fi sítíkà bo díẹ̀ nínú àwọn síkúrúù ibẹ̀. Bí sítíkà bá ti ya tàbí tó ti lu, wọ́n ti tú u rí. Ìyẹn nìkan kò burú, nítorí PS4 tó ti lo ọdún mẹ́wàá nílò kí wọ́n gbọ́n eruku inú rẹ̀ kí wọ́n sì fi òróró amú-ooru-kúrò tuntun sí i. Ibi tí mo ti ń fura ni ibi tí wọ́n ti ń ka dísìkì. Nínú CUH-10 àti CUH-11, pátákó kékeré tó ń darí ẹ̀ka yẹn mọ pátákó ńlá inú ẹ̀rọ rẹ̀ nìkan; ti CUH-12 wà lára pátákó ńlá fúnra rẹ̀. Tí onítúnṣe CUH-10 tàbí CUH-11 bá gbé odindi ẹ̀ka náà láti ara PS4 mìíràn wá, tí kò sì fi pátákó àtijọ́ sí i, kò ní ka dísìkì kankan mọ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo nǹkan yòókù á máa ṣiṣẹ́. Irú fáàtì yòówù kó jẹ́, ẹ mú dísìkì gémù PS4 kan lọ síbẹ̀, kí ẹ rí i pé gémù náà ṣí. Kí ẹ sì rọra mi wáyà HDMI díẹ̀: tí àwòrán bá ń lọ tó ń bọ̀ nígbà tí iná funfun ṣì ń tàn, ihò yẹn ni wọ́n jó tàbí tó ti yẹ̀.

[Àwòrán: páàdì méjì]

Ó kan páàdì. Èyí tó wà nínú fọ́tò ní ìlà iná tẹ́ẹ́rẹ́ lókè ibi tí wọ́n ń fi ìka fà. Ẹ̀dà kejì nìyẹn, CUH-ZCT2, tó jáde ní 2016 pẹ̀lú Slim. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ní iná níwájú nìkan. Páàdì yìí kì í ṣe èyí tó bá CUH-12 jáde nínú páálí. Ó lè dára bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ayédèrú, torí àwọn tó ń ṣe ayédèrú ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìlà iná. Àyẹ̀wò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé nìyí: ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí PS4, kí ẹ tẹ R3, ìyẹn ọ̀pá ọ̀tún, wọlé, kí ẹ wá máa yí páàdì síbí sọ́hùn-ún. Páàdì gidi á máa gbé atọ́ka náà rìn. Ọ̀pọ̀ ayédèrú kò ní lè ṣe é.

Gémù ogún ló kù. Ẹ ní kó wọ Settings, System, System Information. Tí ẹ bá rí 9.00 tàbí 11.00, ẹ ṣọ́ra, nítorí àwọn ẹ̀dà sọ́fítíwia méjì yìí wà lára àwọn tí wọ́n mọ ọ̀nà láti já ìdè wọn kí gémù tí wọn kò rà lè ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà nìkan kò tó ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ náà kàn pẹ́ tó rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò bóyá "Debug Settings" wà nínú Settings, tàbí orúkọ GoldHEN, sọ́fítíwia tí wọ́n ń lò lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti já ìdè rẹ̀, hàn níbìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó pa á pátápátá, kì í ṣe kó sùn o, kó sì tún un tàn. Ìdè tí wọ́n já kì í wà bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá kú. Tí àmì àgádágodo bá bo àwọn gémù náà, àwọn gémù yẹn kì í ṣe tiyín: bóyá àṣejí ni, ìyẹn àdàkọ tí wọn kò sanwó rẹ̀, bóyá orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi rà wọ́n. Ọjọ́ tí ẹ bá fi sọ́fítíwia tuntun sí i kí ẹ lè bá àwọn èèyàn gbá gémù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn àṣejí ò ní ṣí mọ́, ẹ̀yin náà ò sì ní lè dá sọ́fítíwia padà sẹ́yìn.

Torí náà, ohun tí wọ́n ń tà fún wa ni fáàtì CUH-1216A tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pààrọ̀ háàdì dísìkì inú rẹ̀, tí páàdì rẹ̀ wá láti ibòmíràn, tí gémù rẹ̀ kò sì dájú. Iye owó fáàtì tó ń ka dísìkì ni kí ẹ dá lé e, kí ẹ má fi kọ́bọ̀ kan kún un nítorí gémù ogún yẹn.