Ká Tó Ṣí Fáìlì: Ṣé Látìnì Ni àbí UTF-8?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Yábàá lọ́jọ́ Sátidé ni mo tún kọ síbí, torí àwọn tí gòsíló dá dúró lórí bírìjì Tádì Mènláǹdì ò bá wa níbẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ló sì ṣe kókó.

Bàbá kan ní Pópó Àgùdà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbẹ̀, ní kí n bá òun tẹ orúkọ àwọn ará ilé òun jọ. Mọ̀lẹ́bí wọn kan fi fáìlì ránṣẹ́ láti Bàhíà ní Bràsíìlì, orúkọ bíi José, João, Conceição ló kún inú ẹ̀. Àbúrò bàbá tó ń gbé Sùúrùlérè wá gba fáìlì yẹn, ó kọ orúkọ àwọn ti ibí sísàlẹ̀ ẹ̀, Ọlá, Ṣadé, Ẹniọlá, kó tó fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi kàn ṣí i ni, mo rí "Jo�o", mo ní màá tún un ṣe tó bá yá, mo tún ìlà méjì ṣe níbòmíì, mo fi pamọ́, mo pa kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí mo padà dé ibẹ̀ ni mo tó mọ nǹkan tí mo ṣe.

Ṣé ẹ rí àmì ìbéèrè inú dáyámọ́ǹdì yẹn, kì í ṣe lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ò rí kà dáadáa o. Báìtì kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, E3, tó dúró fún ã. Nígbà tí ò yé ètò tí mo fi ṣí fáìlì, ó yọ ọ́ kúrò, ó fi báìtì mẹ́ta mìíì síbẹ̀, EF BF BD. Ohun kan náà ló fi rọ́pò é, òun náà ló fi rọ́pò ç. Téèyàn bá ti fi pamọ́ báyẹn, kò sẹ́ni tó lè wo inú fáìlì yẹn kó sọ lẹ́tà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká mọ irú fáìlì tó jẹ́ ká tó jẹ́ kí ètò kankan kà á.

Ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi báìtì kọ lẹ́tà ni Látìnì àti UTF-8. Látìnì, ISO 8859-1 lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé, ọdún 1987 ló jáde, báìtì kan ṣoṣo ló ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. é jẹ́ E9, ã jẹ́ E3, ç jẹ́ E7. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, kò sì sí bó ṣe máa ní wọn, àyè ẹ̀ ti kún. UTF-8 ní tiẹ̀, tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe lọ́dún 1992, fi A dé Z tí ò lámì lórí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, báìtì kọ̀ọ̀kan, àmọ́ lẹ́tà tó bá lámì máa ń gbà ju ẹyọ kan lọ: é jẹ́ C3 A9, ọ jẹ́ E1 BB 8D.

Ẹ fojú inú wo ẹbí tó ń wọ gbọ̀ngàn ìnáwó bọ̀. Ẹni tó ṣíwájú á sọ iye èèyàn tó wà lẹ́yìn òun, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ sì ní aṣọ ẹbí tí wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni UTF-8. Tí báìtì bá wà láàárín C2 sí DF, ẹnì kan ló wà lẹ́yìn ẹ̀. E0 sí EF, èèyàn méjì. F0 sí F4, mẹ́ta. Aṣọ ẹbí àwọn tó ń tẹ̀ lé e ni 80 sí BF, ẹni tí ò bá wọ̀ ọ́ kì í ṣe ara wọn.

Ó yá, ẹ wo Conceição bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní Bàhíà:

```
43 6F 6E 63 65 69 E7 E3 6F
```

E7 ní èèyàn méjì wà lẹ́yìn òun, ṣùgbọ́n E3 ló tẹ̀ lé e, aṣíwájú lòun náà, kò wọ aṣọ ẹbí. Ó ti tán, fáìlì yìí kì í ṣe UTF-8 látòkè délẹ̀. Lẹ́tà alámì kan péré ti tó láti fi mọ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n bi mi jù ní Yábàá ni pé kí ló dé tá ò kọ́kọ́ fi Látìnì dán an wò. Torí Látìnì ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá ni. Gbogbo báìtì ló ní àga fún. Ẹ fún un ní ẹ ti UTF-8, á kà á bíi "áº¹", ẹ ti rí i rí lórí ayélujára, kò sì ní ké. UTF-8 ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá, òun ni ká kọ́kọ́ bi. Tó bá sì gbà, ẹ gbà á gbọ́: kí Látìnì tó ṣèèṣì jọ UTF-8, èèyàn gbọ́dọ̀ dìídì kọ Ã kó wá kọ £ tẹ̀ lé e, ta ló ń kọ̀wé báyẹn? Tó bá sì jẹ́ A dé Z gbẹrẹfu ló wà nínú fáìlì, méjèèjì kò yàtọ̀, èyí tẹ́ ẹ bá mú, kò séwu.

Nígbà tí mo wá fi ọgbọ́n yìí wo ẹ̀dà tí àbúrò bàbá tún fi ránṣẹ́, ó ní kì í ṣe UTF-8. Tí mo bá gbà pé Látìnì ni gbogbo ẹ̀ nígbà yẹn, João á tọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ṣadé á di "á¹¢adÃ©". Ọwọ́ méjì ló kọ fáìlì yìí, torí náà ìlà kọ̀ọ̀kan ni mo bi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀:

```python
for n, ila in enumerate(open("oruko.csv", "rb"), 1):
    try:
        ila.decode("utf-8")
    except UnicodeDecodeError as e:
        print(n, e.start, ila)
```

"rb" yẹn ṣe pàtàkì, òun ló ní kí Páítọ̀nù kó báìtì wá lásán láìtúmọ̀ ẹ̀. Ìlà tí ò bá kọjá nìkan ló máa tẹ̀ jáde, pẹ̀lú ibi tó ti kọsẹ̀:

```
17 6 b'Concei\xe7\xe3o\n'
```

Àwọn ìlà Bàhíà tó lámì ló jáde, kò sí ti Sùúrùlérè kankan níbẹ̀. Àwọn tó jáde nìkan ni mo yí padà, windows-1252, ìyẹn Látìnì ti Microsoft, ni mo sì fi yí wọn, kì í ṣe Látìnì gangan. Àárín 80 sí 9F ni wọ́n ti yàtọ̀, Látìnì fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún àṣẹ ẹ̀rọ tẹ́nikẹ́ni kì í tẹ̀, windows-1252 wá kó àmì ọ̀rọ̀ ẹnu “ àti ” síbẹ̀, 93 àti 94. Mo rí 93 lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìnagijẹ ẹnì kan, mo mọ̀ pé ibẹ̀ la wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi báìtì 4096 àkọ́kọ́ nìkan dájọ́ bí ọ̀pọ̀ ètò ṣe ń ṣe. Lẹ́tà alámì tó máa tú àṣírí lè wà ní ìlà ọ̀ọ́dúnrún. Tó bá sì jẹ́ àárín ọ lẹ gé e sí, tí E1 BB wà nínú tí 8D wà níta, ìdánwò á ní ó bàjẹ́, kò sì bàjẹ́. Tí fáìlì bá tóbi tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gé e, tí àṣìṣe kan ṣoṣo tó wà bá jẹ́ pé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ò pé, ẹ fojú fò ó.

Ní ti ìlà méjì tí mo ti tún ṣe nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, mo dà wọ́n kọ síbi tuntun. Ìyókù ẹ̀dà yẹn, EF BF BD ló kún inú ẹ̀, mo pa á rẹ́. Ká ní àbúrò bàbá ò tọ́jú tiẹ̀, àfi ká tún pe Bàhíà.