Ta Ni "Wọ́n"? Bí A Ṣe Ń Tú Ọ̀rọ̀ Olóṣèlú Nípa Àwọn Aṣíkiri Palẹ̀

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi obìnrin kan ń kọ́ṣẹ́ ìròyìn ní Àjàṣẹ́. Ó wálé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú iṣẹ́ tí olùkọ́ wọn fún un: kó mú ọ̀rọ̀ olóṣèlú kan nípa àwọn aṣíkiri, kó tú u palẹ̀, kó fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ti kọ ojú ìwé mẹ́ta kó tó dé. Gbólóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé, "Ààrẹ yìí kórìíra èèyàn dúdú."

Mo bi í pé, "Ìlà wo lo ti rí i?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà ò rí i ni?"

Mo rí i. Àmọ́ ohun tí ń bẹ nínú ọkàn ààrẹ kò sí lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ ló wà lórí ìwé, òun náà sì ni ohun tí a lè fi ìka tọ́. Torí náà, a jókòó, a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ọ̀rọ̀ tó mú ni ti Kais Saied, ààrẹ Tùnísíà, tó sọ níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè náà ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2023. Ẹ óò rántí rúkèrúdò tó tẹ̀lé e: wọ́n lé àwọn aṣíkiri èèyàn dúdú jáde nílé. Gínì àti Kọdifúà fi ọkọ̀ òfuurufú kó àwọn ọmọ wọn wálé.

Kí ẹ tó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè irú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín. Ìwé tí ilé iṣẹ́ ààrẹ gbé jáde lẹ́yìn ìpàdé lèyí, "ààrẹ sọ pé, ààrẹ tẹnu mọ́ ọn pé" ló kún inú rẹ̀. Ẹnìkan nínú ọ́fíìsì ló kọ ọ́. Nítorí náà, ẹ má kọ ọ́ bíi pé ẹnu ààrẹ gan-an lẹ ń gbọ́. Èkejì tún wà níbẹ̀: èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́, Faransé ni àbúrò mi kà. Nínú Faransé tó tẹ̀ jáde nínú ìròyìn, wọ́n pe àwọn aṣíkiri náà ní àwọn tó ń yọ́ wọlé ní bòókẹ́lẹ́. Àbúrò mi ti kọ odidi ìpínrọ̀ kan lórí "bòókẹ́lẹ́" yìí.

A gbé Lárúbáwá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àlùfáà kan ládùúgbò wa. Bàbá wo ìlà náà, wọ́n ní, "Bòókẹ́lẹ́ kọ́ ló wà níbí o. Ẹni tí kò bá ìlànà mu ni wọ́n kọ." Ìpínrọ̀ yẹn ti lọ nìyẹn, iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń tú palẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì ààrẹ. Àmọ́ nígbà tí Bàbá dé orí ọ̀rọ̀ tí Faransé pè ní agbo rẹpẹtẹ, wọ́n dúró. Wọ́n kà á jáde: *jahafílì*. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ogun nìyí. Ọ̀wọ́ ọmọ ogun tó pọ̀ lọ súà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀." Ohun tí Faransé bò mọ́lẹ̀ fún wa nìyẹn.

Ó wá kan títú palẹ̀. A fi bíírò pín ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta: orúkọ tí wọ́n pe àwọn èèyàn, ohun tí wọ́n ní wọ́n ṣe, àti ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ àmọ́ tí kò sí. Ẹ wo gbólóhùn àkọ́kọ́ lójú àwòrán, bí a ṣe tú u: "Ọ̀wọ́ ogun àwọn aṣíkiri tí kò bá ìlànà mu láti ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà ṣì ń wá, pẹ̀lú ìwà ipá, ìwà ọ̀daràn àti àwọn ìṣe tí kò ṣeé gbà tó ń ti ibẹ̀ wá."

Orúkọ: ọ̀wọ́ ogun. Akẹ́kọ̀ọ́ kò sí, bíríkìlà kò sí, ìyá ọmọ kò sí. Iye kò sí pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ iye tí àwọn oníròyìn ń dá nígbà náà kò ju nǹkan bí 21,000 lọ nínú orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ tó mílíọ̀nù 12. Ohun tí wọ́n ṣe: ìwà ipá. Ta ni wọ́n hù ú sí? Ìlú wo? Ọjọ́ wo? Kò sí. Gbogbo ìyẹn di ọ̀rọ̀-orúkọ lásán, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀-orúkọ.

Gbólóhùn kejì ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n ní ètò ọ̀daràn kan wà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, láti yí irú èèyàn tó ń gbé Tùnísíà padà, kí wọ́n lè máa ka orílẹ̀-èdè náà sí ti Áfíríkà nìkan, tí kò bá àwọn Lárúbáwá àti àwọn Mùsùlùmí tan mọ́. Nínú Faransé, èèyàn lè sọ pé nǹkan di ṣíṣe, kí gbólóhùn náà dúró dáadáa láìsí ẹni tó ṣe é. Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ tú u sí Yorùbá, ó há. Ó kọ "ètò tí... ti ṣe", ó pa á rẹ́. Èdè wa ní dandan kó fi ẹnìkan síbẹ̀. Ó kọ "tí wọ́n ti ṣe."

Mo ní, "Ta ni wọ́n?"

Ó padà sínú ìwé náà, ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni "àwọn ẹgbẹ́ kan" tí wọ́n ní wọ́n gba owó ńlá lẹ́yìn ọdún 2011. Ẹgbẹ́ wo, a ò mọ̀. Ẹ gba ìmọ̀ràn mi: ẹ tú gbólóhùn Faransé yín sí Yorùbá, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ gbogbo "wọ́n" tí kò ní baba. Ibẹ̀ ni ẹni tí olóṣèlú fi pa mọ́ wà.

Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè fi hàn yín pé ọ̀nà mìíràn wà láti sọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Moussa Faki Mahamat, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà nígbà náà, bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí àwọn aláṣẹ Tùnísíà sọ. Àwọn èèyàn kan náà ni, àmọ́ níbẹ̀, "àwọn ọmọ Áfíríkà ẹlẹgbẹ́ wa" ni orúkọ wọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á ṣa ìlà tó bá èrò rẹ̀ mu nìkan. Àbúrò mi ti fo ìlà kan. Níbẹ̀, wọ́n ní àwọn tó wà lẹ́yìn ìṣíkiri yìí ń fi èèyàn ṣòwò, tí wọ́n sì ń díbọ́n pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn làwọn ń gbèjà. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń tà wọ́n, báwo ni wọ́n ṣe tún jẹ́ ọmọ ogun? Ìlà yẹn kò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Òun ló jẹ́ ká rí i pé àwòrán méjì tí kò bára mu ni ìwé náà gbé dání: ológun tó ń wọ̀lú, àti ẹrù tí ẹlòmíràn ń kó. Nínú méjèèjì, aṣíkiri náà kò sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ má sì kọ ọ́ pé ìwé yìí ló mú kí onílé lé ayálégbé jáde ní Túnísì. Wọ́n lé èèyàn jáde lóòótọ́, àmọ́ ìwé kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn onílé. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìyẹn yóò lọ bi àwọn onílé.

Ó pa gbólóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èyí tó fi rọ́pò rẹ̀ rèé: "Nínú ìwé yìí, àwọn aṣíkiri ń wọlé bí ọmọ ogun, wọ́n sì ń kó wọn bí ẹrù, ṣùgbọ́n kò síbi kankan tí wọ́n ti sọ̀rọ̀, àwọn tí wọ́n ní wọ́n rán wọn kò sì lórúkọ."