Kí ló dé tí kábọ́ọ̀nù fi ń jókòó sí ³P₀, ipò tí agbára rẹ̀ ti kéré jù, ìmọ́lẹ̀ wo ló sì lè gbé e kúrò níbẹ̀?

Ẹ wo àpótí mẹ́ta tí mo yà sójú pátákó yìí. Ọ́bítà 2p nìyẹn. Kábọ́ọ̀nù ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́fà. Mẹ́rin ti kún inú 1s àti 2s, wọ́n sì ti pa ara wọn dọ́gba, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Méjì tó kù wà ní 2p, àwọn lọ̀rọ̀ kàn.

Àpótí kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tirẹ̀, m_l: +1, 0, −1. Nínú àpótí kan, sípíìnì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lè kọjú sókè (+½) tàbí sísàlẹ̀ (−½). Àyè mẹ́fà nìyẹn, ọ̀nà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì sì lè gbà jókòó sínú wọn jẹ́ 15.

Òfin Hund àkọ́kọ́ ní kí sípíìnì àpapọ̀ pọ̀ tó bó ṣe lè pọ̀ tó. Nítorí náà àwọn méjèèjì kọjú sókè: S = 1. Nọ́mbà tí a ń kọ sókè lápá òsì ni 2S+1, ìyẹn 3.

Òfin kejì ní kí L, àpapọ̀ ìyípo àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú ọ́bítà wọn, náà pọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. Wọ́n á kó àwọn méjèèjì sínú àpótí +1, wọ́n á rí L = 2, wọ́n á sì kọ ³D. Kò ṣeé ṣe! Òfin Pauli kò gbà kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tó kọjú sí ibì kan náà wà nínú àpótí kan. Ọ̀kan lọ sí +1, èkejì lọ sí 0. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1, lẹ́tà L = 1 sì ni P. ³P la rí. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ka ọ̀nà ìjókòó: ³P gba 9, ¹D gba 5, ¹S gba 1. Ó pé 15 géérégé. ³D nìkan ìbá ti gba gbogbo 15 náà tán, kò sì ní sí àyè fún ẹlòmíràn.

Ó ku J, àpapọ̀ L àti S, nọ́mbà tí a ń kọ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Láti L+S wá sí L−S, a ní 2, 1 àti 0. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì kò tó ìdajì mẹ́fà, nítorí náà J tó kéré jù ló wà nísàlẹ̀ pátápátá: ³P₀. ³P₁ fi agbára 16.4 cm⁻¹ péré ga jù ú lọ, ³P₂ fi 43.4. Ẹ má ṣe da ìdáhùn yìí kọ fún ọ́síjìn o. Òun náà ní ³P, ṣùgbọ́n 2p rẹ̀ ti kọjá ìdajì, ³P₂ ló wà nísàlẹ̀ tirẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Kí ìfò kan tó rọrùn fún ìmọ́lẹ̀, S kò gbọdọ̀ yí padà. J lè dúró tàbí kó yí pẹ̀lú 1, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ti 0 lọ sí 0. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tún ní l tirẹ̀: ti s jẹ́ 0, ti p jẹ́ 1. Àròpọ̀ l àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì gbọ́dọ̀ kúrò ní iye tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba bọ́ sí èyí tí kò ṣeé pín, tàbí ìdàkejì rẹ̀. Ti 2p² jẹ́ 2. Nítorí náà fífò láti ³P sí ¹D tàbí ¹S kò sí nínú ètò rárá, torí pé inú 2p² kan náà ni gbogbo wọn wà.

Ká wá gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan láti 2p lọ sí 3s. Àròpọ̀ l di 1, ó dára. Ipò tuntun náà jẹ́ ³P° tàbí ¹P°; àmì ° ń sọ pé àròpọ̀ l kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Sípíìnì ti lé ¹P° lọ. Nínú ³P°, J rẹ̀ lè jẹ́ 0, 1 tàbí 2. Láti ³P₀, 0 kò gbà, 2 jìnnà jù, 1 nìkan ló kù. Ìlà kan ṣoṣo, ní 165.69 nm, tí ojú wa kò lè rí, tí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ sì ń gbé mì. Inú òfìfo la ti ń wọ̀n ọ́n.

Ṣùgbọ́n nínú gáàsì gbígbóná, ìlà mẹ́fà lẹ máa rí, láti 165.63 dé 165.81 nm. Ìṣirò wa kò ṣìnà. 16.4 cm⁻¹ kéré gan-an sí ooru, nítorí náà ọ̀pọ̀ átọ́ọ̀mù ti wà lórí ³P₁ àti ³P₂, wọ́n sì ń fò láti ibẹ̀. Nínú kùrukùru tútù láàárín àwọn ìràwọ̀, ìlà márùn-ún yòókù á rẹ̀yìn, ti ³P₀ á sì yọ sókè. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń ti ara ìyàtọ̀ yìí mọ bí gáàsì náà ṣe gbóná àti bó ṣe ki tó.

³P₁ náà ń já bọ́ sí ³P₀, ó ń tú ìgbì rédíò jáde ní 492 GHz. Àròpọ̀ l kò yí padà, nítorí náà apá òòfà ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì ń falẹ̀: átọ́ọ̀mù kan á dúró tó bí oṣù márùn-ún kó tó jábọ́. Nínú yàrá ìwádìí, átọ́ọ̀mù mìíràn á ti kọlù ú kó tó dìgbà náà. Láàárín àwọn ìràwọ̀, àyè ìdúró wà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ awò ALMA ní Chile fi ń gbọ́ ìgbì náà.