Ìbéèrè Ni Kí Àkọlé Fíìmù Gbé Dání: Bá A Ṣe Lè Sọ Dókúmẹ́ńtárì Àwọn Ìyá Ọjà Lórúkọ

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá, mo dẹ̀ máa padà sí i léraléra: ìbéèrè tó wà nínú fíìmù ni kí àkọlé ẹ̀ tọ́ka sí, kó má tọ́ka sí ìdáhùn.

Gbogbo wa la jọ wo fíìmù yẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí ẹni tó ń kà á níbí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ díẹ̀. Ìṣẹ́jú 18 ni. Àwọn ìyá 12 tó ń ta ata àti tòmátò jọ ń dá èsúsú, kálukú ọwọ́ kan, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń dá a, ẹni tó bá kàn lọ́sẹ̀ yẹn á kó gbogbo ẹ̀. Ìyá kan ló ń bá wọn kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tó ti gbó létí, orúkọ 12 tò sórí ìlà, bí ẹnì kan bá ti dá owó, ìyá á fi bírò fa igi síwájú orúkọ ẹ̀. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹta, kámẹ́rà sún mọ́ ìwé yẹn, a rí i tí ìyá fa igi síwájú orúkọ kẹjọ, bẹ́ẹ̀ a ò rí ẹni tó mú owó wá. Fíìmù ń lọ, ọkàn wa kúrò níbẹ̀. Ìgbà tó di ìṣẹ́jú kẹrìnlá la wá gbọ́ pé ẹni tó ni ọwọ́ kẹjọ ti kú lọ́sẹ̀ karùn-ún, àwọn 11 tó kù ló ń pín owó ẹ̀ san láàárín ara wọn, kí ọmọ ẹ̀ lè kó o pé tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ẹ sì mọ̀ pé wọ́n lè dá owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ti dá padà fún ọmọ, kí wọ́n fagi lé orúkọ ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá wọn wí. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo fíìmù yẹn wà.

Àkọlé mẹ́rin ni ọmọ wa tó ya fíìmù náà kọ fún mi. Àkọ́kọ́ ni “Àwọn Ìyá Ọjà”. Èyí sọ ibi tí a wà àti àwọn tí a máa rí, kò sọ ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Fíìmù tó dá lórí owó orí tàbí lórí iná tó jó ọjà náà lè jẹ́ orúkọ yẹn, kó dẹ̀ bá a mu.

Ìkejì ni “Alágbára Obìnrin”. Ibí yìí ni mo ti máa ń bá àwọn kan jà, mi ò sì tíì ṣíwọ́. Lójú tiwọn, bí fíìmù bá ti jẹ́ ti obìnrin ọjà, àfi kí agbára tàbí òógùn ojú wà nínú àkọlé ẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ wo ojú ìyá tó ń kọ ìwé yẹn nígbà tí owó ò pé, tó ń ka owó lẹ́ẹ̀kan sí i, tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rù ń bà á. Bí àkọlé bá ti pè é ní alágbára kó tó jókòó, ta ló máa rí ẹ̀rù yẹn? Ẹ ti dá ẹjọ́ kí òǹwòran tó gbọ́ ẹnu ẹlẹ́jọ́. Ìdáhùn ni ẹ gbé síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tú àṣírí kankan.

Ìkẹta, “Òkú Ń Dá Èsúsú”. Ó dùn lẹ́tí, mo gbà, àwọn kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ ọ, tó bá rí igi tí ìyá fà ní ìṣẹ́jú kẹta, ó ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú 11 tí fíìmù fi ń gbé wa lọ síbi àṣírí yẹn ti ṣòfò nìyẹn.

Bí a ṣe ń mọ̀ ò le. Ẹ wá èèyàn bíi mélòó kan tí ò tíì wo fíìmù náà, kó má jẹ́ àwọn tó bá yín gbé kámẹ́rà o, torí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ àkọlé fún wọn, ẹ ní, “Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?” Tí wọ́n bá sọ òpin fíìmù fún yín, ó ti tú. Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n wò ó, kí ẹ tún bi wọ́n pé kí ló dé tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí wọn ò bá rí nǹkan sọ, òfìfo ni àkọlé yẹn. Èyí tó dáa ni èyí tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò mọ̀ tán tẹ́lẹ̀, tó wá jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n wò ó tán, wọ́n lè nawọ́ sí ibì kan pàtó nínú fíìmù.

Ìkẹrin ni “Ta Ló Kàn?” Lẹ́nu àwọn ìyá fúnra wọn ló ti jáde, ohun tí wọ́n ń bira wọn nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó owó. Mo ti fẹ́ máa ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ ká mú un nígbà tí màmá kan nawọ́ lẹ́yìn.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ olóògbé ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kọ ‘Ta Ló Kàn?’ gàdàgbà síwájú ẹni tí ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú? Àwọn mọ́kànlá yẹn náà ńkọ́, èwo nínú wọn ló máa dáhùn?”

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo pa ohun tí mo kọ sílẹ̀ tì, torí ìbéèrè yẹn ló yẹ ká gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá yìí mú àkọlé náà. Ó máa dun ẹni tó ṣọ̀fọ̀, ó tún ń tú àṣírí, torí etí Yorùbá tó bá gbọ́ “ta ló kàn” láìrí owó nílẹ̀, ikú lọkàn ẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ. Ẹnì kan dábàá pé ká gbé àkọlé náà jáde lẹ́yìn ibi tí a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá, kó lè yé èèyàn pé ọ̀rọ̀ owó ni. Ìyẹn dáa nínú fíìmù, ṣùgbọ́n pósítà ò lóhùn.

A wá padà sínú ìwé ìyá. Ọmọbìnrin kan níwájú ló dá a, ó ní, “Ṣé kò lè jẹ́ ‘Ọwọ́ Kẹjọ’?” Bàbá kan wà tó pẹ́ dé, tí ò wo fíìmù náà, a bi í pé kí ló rò. Ó ní bóyá obìnrin kan tí wọ́n rẹ́ jẹ nínú èsúsú ni. Ẹ wò ó, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó àti ìfọkàntán ni, kò rí ikú níbẹ̀ rárá. A bi àwọn tó wò ó, ẹnu wọn ṣọ̀kan: igi tí ìyá fà. Àkọlé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tó máa gbọ̀n jìnnìjìnnì, ẹni tó bá wò ó tán á dẹ̀ mọ̀ pé àwọn ọwọ́ 11 ló gbé ìkẹjọ dúró.

Àsìkò ti lọ, ẹ jẹ́ n sáré sọ èyí tó kù. Kí àkọlé jáde níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí igi yẹn tó dé, torí tó bá tẹ̀ lé e gẹ́lẹ́, bí ìgbà téèyàn ń fi ìka tọ́ka sí i ni. Kí pósítà má gbé àwòrán àtẹ tó ṣófo. Kí ọ̀rọ̀ ìlà méjì tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ àkọlé níbi àfihàn fíìmù má dárúkọ ikú, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń tú sí lẹ́yìn tí àkọlé ti pa á mọ́. Àwọn Óskà gba fíìmù kúkúrú tí ò ju ìṣẹ́jú 40 lọ, tòun ti kírẹ́díìtì. Ẹni tó ní 40 lè jẹ́ kí àkọlé ẹ̀ pẹ́ kó tó yéni. Ẹni tó ní 18 ò ní àyè yẹn, ó gbọ́dọ̀ ti fi ohun tó sọ fíìmù lórúkọ hàn wá ní kùtùkùtù.

Màmá yẹn tún bèèrè bóyá a máa sọ fún ọmọ olóògbé. Ọmọ wa tó ya fíìmù ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún fẹ́ dá owó lòun máa lọ bá a, àti ìyá tó ń kọ ìwé. Mo ní kó gbé fíìmù náà dání, kí wọ́n wò ó tán kó tó bi wọ́n léèrè orúkọ, kó má tíì tẹ pósítà kankan. Bí ọmọ náà bá ní rárá, a tún máa jókòó.