Bí Oníbàárà Tó Wà Nítòsí Ṣe Lè Rí Ṣọ́ọ̀bù Yín Lórí Instagram

Ẹ káàbọ̀ o. Ká ní kéèkì lẹ ń tà ní Challenge, n'Ìbàdàn. Ẹ gbé fọ́tò kéèkì ọjọ́ ìbí kan sórí Instagram, ẹ wá kọ #cake àti #challenge sábẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ #challenge yẹn wò. Ijó ni, àwàdà ni, láti gbogbo ayé. Ta ló fẹ́ rí kéèkì yín láàárín ìyẹn? Adúgbò yín ń jẹ́ Challenge lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò ní Ìbàdàn nínú.

Ẹ so orúkọ ìlú mọ́ ọn: #challengeibadan. Ẹ tún so ọjà yín mọ́ ìlú: #cakeinibadan, #ibadancakes. Háṣítáàgì mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. Ẹ má fi àlàfo sáàárín o. Bí ẹ bá kọ "#cake in ibadan", #cake nìkan ló máa ṣiṣẹ́, ìyókù á di ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ má sì fi àmì ohùn sí i, torí ẹni tó ń fi fóònù wá kéèkì kì í sábà tẹ àmì ohùn.

Ó ku lokéṣàn. Kí ẹ tó tẹ Share, ẹ tẹ Add location, kí ẹ kọ orúkọ àdúgbò. Ẹ má kàn mú èyí tó kọ́kọ́ yọjú. Ring Road wà n'Ìbàdàn, ó wà ní Benin City, ó tún wà ní Accra. Ẹ wo ìlú tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ náà. "Ibadan" lásán ti fẹ̀ jù. Ẹni tó wà ní Mọ́níyà lè rí yín, ṣùgbọ́n ṣé yóò wá sí Challenge torí kéèkì kékeré kan?

Tí fọ́tò bá ti lọ, ẹ tẹ orúkọ ibẹ̀ tó wà lókè rẹ̀, kí ẹ wo ibi tó bọ́ sí lórí máàpù. Tó bá ṣì í, ẹ má pa fọ́tò rẹ́. Ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta, ẹ tẹ Edit, kí ẹ yí lokéṣàn padà. Gbogbo ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn ti kọ síbẹ̀ yóò ṣì wà.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí àlejò ò sì rí yín, ẹ lọ wo Account privacy nínú Settings. Tí Private account bá wà ní títàn, àwọn tó ń tẹ̀lé yín nìkan ló ń rí fọ́tò yín, háṣítáàgì ò lè gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì.

Ohun kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í fọwọ́ kàn: Name, lójú ewé yín. Instagram máa ń wo ibẹ̀ nígbà téèyàn bá ń wá nǹkan, nítorí náà ẹ fi "Cake Challenge Ibadan" kún orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ lè yí i padà láàárín ọjọ́ 14.

Lokéṣàn ń mú èèyàn dé àdúgbò ni, kì í mú un dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ kọ òpópónà, ilé epo tàbí báńkì tí ẹ dojú kọ, àti nọ́ńbà fóònù yín, sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan.