Àpótí Òfo Kan Nínú Ìwé Máàkì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ti Málété, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán wá bá wa ní Ìlọrin lónìí, ẹ kú ìrìn o. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí gbogbo iṣẹ́ máàkì. Àpótí kan ṣoṣo tí olùkọ́ kò kọ nǹkan sí ni mo fẹ́ ká jọ wò.

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń ṣe tẹ́ẹ̀sì mẹ́rin, a ó yọ èyí tó kéré jù, a ó fi mẹ́ta yòókù ṣírò. Ká ní 20 ni tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan. (Bí ọ̀kan bá jẹ́ 10, ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo wọn di ìdá ọgọ́rùn-ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó sọ 9 nínú 10 nù, ẹ ó sì fi 11 nínú 20 sílẹ̀.) Fọ́ọ́múlà tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa nìyí:

```
=(SUM(B2:E2)-MIN(B2:E2))/3
```

Kò sí wàhálà bí àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kún. Ẹ wá wo akẹ́kọ̀ọ́ kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Ó gba 16, 14 àti 15. Lọ́jọ́ tẹ́ẹ̀sì kẹrin, ọkọ̀ bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́nà, olùkọ́ sì fi àpótí náà sílẹ̀ lófo. `MIN` kì í ka òfo, kì í sì í ka `ABS`. 14 ló mú pé ó kéré jù. 45 yọ 14, ó ku 31. Ẹ pín in sí mẹ́ta, ó di 10.33. Ẹni tó pàdánù tẹ́ẹ̀sì kan la gba méjì lọ́wọ́ rẹ̀! Ká ní a kọ 0 síbẹ̀ ni, òdo yẹn ni ìbá kúrò, 15 ni ìbá sì ní.

Tẹ́ẹ̀sì kó 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdánwò kó 70. 10.33 yẹn di 15.5; 15 ìbá di 22.5. Àbẹ̀kẹ́ gba 48 nínú ìdánwò. Àpapọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ 63.5, ìyẹn B, dípò 70.5 tó jẹ́ A. Kọ́ọ̀sì yúníìtì mẹ́ta ni: A ń mú póìǹtì 15 wá, B ń mú 12.

Póìǹtì mẹ́ta kò jọ nǹkan kan, títí ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣírò àṣekágbá. Ká ní yúníìtì 120 ló ṣe. Póìǹtì 540 ìbá fún un ní 4.50, ibi tí Fáàsì Kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. 537 fún un ní 4.475, Sẹ́kọ́ńdì Kíláàsì Ọ́pà. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà fi ẹyọ kan ṣoṣo hàn lẹ́yìn àmì ìdá, 4.5 ni yóò kọ fún yín, àwọn òbí á sì máa bi yín léèrè ohun tí ẹ fi ọmọ àwọn ṣe.

Kí ẹ tó fi máàkì ránṣẹ́, ẹ kọ èyí sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan:

```
=COUNT(B2:E2)
```

Ìlà tí kò bá fi 4 hàn, ẹ padà síbẹ̀. Ẹni tó ní ìwé dókítà, ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì mìíràn fún un. Ẹni tí kò ní, ẹ kọ 0.