Ibi tí ìda bá kúrò ni idẹ ń gbà: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí dída ère idẹ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùkọ́ iṣẹ́ ọnà. Lọ́dún 1938, wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmoníjẹ̀ n'Ífẹ̀ nígbà tí orí idẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde nínú ilẹ̀. Bí ẹ bá fi àwòrán ọ̀kan nínú wọn han akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ̀rọ̀ ẹwà rẹ̀. Ẹ bi í pé kí ló dé tí inú orí náà fi ṣófo.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi ìda dárà kò yọ ara wọn lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ inú òfìfo. Ní Mehrgarh, lórílẹ̀-èdè Pakísítàánì òde òní, wọ́n rí ohun ọ̀ṣọ́ bàbà kékeré kan tó rí bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tó ti tó nǹkan bí 6,000 ọdún. Ìda ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n yọ́ ìda kúrò, wọ́n sì da bàbà sí i. Nǹkan tó kéré báyẹn lè ki pọ́pọ́. Ṣùgbọ́n bí ère bá tóbi, bàbà tí yóò jẹ ò ní ṣeé kó, ibi tó bá sì nípọn jù á máa súnkì bó ti ń tutù, á fà ya tàbí kó jin kòtò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ láti fi amọ̀ sínú. Nígbà tó fi máa di ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án, àwọn ará Igbo-Ukwu ti ń da ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní iṣẹ́ okùn lára, apá kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn ará Ifẹ̀ wá tẹ̀ síwájú lẹ́yìn wọn, bàbà lásán ni wọ́n sì fi da àwọn ère mìíràn. Bàbà lásán le púpọ̀ láti dà: ó di nǹkan bí 1,085 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì kó tó yọ́, ó sì máa ń gba afẹ́fẹ́ sára. Idẹ tí síńkì pọ̀ dáadáa nínú rẹ̀ kì í tó 1,000 tó fi ń yọ́. Ohun tó mú kí n bọ̀wọ̀ fún ojú bàbà Ọbalùfọ̀n, ère ojú tí àwọn ará Ifẹ̀ fi bàbà lásán dà, nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká da orí kan tó tó ìkúùkù. Amọ̀ tí a pò mọ́ yanrìn la ó kọ́kọ́ mọ ní ìrísí orí, kí a jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà la ó fi ìda oyin bò ó, níwọ̀n mílímítà mẹ́ta, kí a gbẹ́ ojú, imú àti ilà sí ìda ọ̀hún. Ẹ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìda yìí gan-an ni idẹ náà. Àbùkù tó bá wà lára rẹ̀ ni yóò wà lára idẹ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò rẹ̀. Bí ìda orí bá jẹ́ 100 gíráàmù, tí ìda tí a lẹ̀ mọ́ ọn láti ṣe ọ̀nà tí idẹ yóò gbà wọlé àti ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde jẹ́ 30, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 130. Idẹ wúwo ju ìda lọ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án, nítorí náà 1,170 gíráàmù ni. Ẹ yọ́ 1,300, kí ó lè kún dé ẹnu.

Ìbéèrè tó wá tẹ̀lé e ló máa ń fi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ronú hàn: bí ìda bá yọ́ kúrò, kí ni yóò gbé amọ̀ inú dúró? Ìṣó irin ni. A ó gún un gba inú ìda wọ amọ̀ inú, a ó sì fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ síta kí amọ̀ òde lè gbá a mú. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, amọ̀ inú á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á nípọn, èkejì á lu.

Amọ̀ àkọ́kọ́ tí a ó fi bo ìda gbọ́dọ̀ kúnná, kó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, torí òun ló ń gba gbogbo ilà náà sára. Abẹ́ òjìji la ti ń sá a. Amọ̀ tó le la ó fi bò ó lẹ́yìn náà, èyí tí a pò mọ́ ìgbẹ́ màlúù, kí afẹ́fẹ́ lè rí ihò gbà jáde nígbà tí iná bá jó ìgbẹ́ náà.

Bí a bá gbé e sínú iná, ìda á yọ́ ní nǹkan bí 63 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì, a ó da ẹnu rẹ̀ délẹ̀ kó lè ṣàn jáde. Ibí gan-an ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Pé ìda ti ṣàn tán kò túmọ̀ sí pé amọ̀ ti ṣe tán. Kó wà nínú iná títí yóò fi pọ́n, tí èéfín ò sì ní jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí omi bá ṣẹ́kù nínú amọ̀, yóò di ooru gbígbóná bí idẹ bá ti kàn án, á sì tú idẹ yíyọ́ síta sí ènìyàn lára. Gbangba ìta la ti ń dà á, nítorí pé èéfín funfun tí síńkì ń rú jáde máa ń fa ibà.

Ẹ dà á láìdúró, kí amọ̀ ṣì gbóná. Bó bá tutù, ẹ fọ́ amọ̀, kí ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ohun tó rí. Bí imú kò bá pé, tí etí ibi tó dá dúró sì rí roboto, idẹ tàbí amọ̀ ti tutù jù. Bí ihò wẹ́wẹ́ bá wà lókè, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà jáde. Bó bá jẹ́ ilà ojú ló parẹ́, amọ̀ àkọ́kọ́ ni kí wọ́n padà lọ wò.